Ìṣáwùrú Tí Ẹnu Rẹ̀ Wà Lápá Òsì

Èmi ọmọ yín nọ́ọ̀sì ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni mo tún dé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan fi ohùn ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n ní ọmọ ọmọ àwọn, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, wá lo ọlidé lọ́dọ̀ àwọn lóko ní oṣù Ògọ́ọ̀sì. Ó ti padà sí Èkó láti ìgbà náà. Ní báyìí tí a wà nínú oṣù Kọkànlá, ìyá ọmọ náà pè láti Èkó pé ó ń tọ ẹ̀jẹ̀, ó sì ń bú wọn pé irú àwọn wo ni wọ́n gbà láàyè kí ó bá ọmọ òun sùn. Ìyá àgbà ń sunkún nínú ohùn náà. Wọ́n ní àwọn mọ̀ pé àtọ̀sí ajá ni, ṣùgbọ́n àwọn kò mọ bí àwọn ṣe máa sọ ọ́ tí kò fi ní burú sí i.

Mo ti dá wọn lóhùn ní ìkọ̀kọ̀, mo sì ti bá ìyá ọmọ náà sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹkún yẹn kò kúrò létí mi, nítorí mo ti rí irú rẹ̀ rí, èmi gan-an ni mo sì dá kún ti ìgbà yẹn. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ eléyìí. Ó gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù kà á, tàbí kí ẹ ní kí ọmọ kà á fún yín.

Ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, obìnrin kan wá bá mi níbi iṣẹ́. Ó ti bí ọmọ kan, ìkejì kọ̀ kò dé. Ìsàlẹ̀ ikùn ń dùn ún, ẹ̀jẹ̀ sì máa ń yọ lára rẹ̀ bí ọkọ rẹ̀ bá ti bá a sùn. Mo bi í léèrè pé ṣé ó máa ń tọ ẹ̀jẹ̀ rí, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, láti kékeré, àtọ̀sí ajá ni wọ́n ń pè é nílé àwọn. Èmi gbọ́ “àtọ̀sí,” etí mi kò sì gbọ́ “ajá” mọ́. Mo fún un ní abẹ́rẹ́ àtọ̀sí, mo ní kí ó mú ọkọ rẹ̀ wá. Ọkọ wá, a yẹ̀ ẹ́ wò, a kò rí àtọ̀sí kankan lára rẹ̀. Lẹ́ẹ̀mẹta ni mo fún obìnrin náà ní abẹ́rẹ́ yẹn. Ìgbà tí ó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ ti ní ìbéèrè kan ṣoṣo tí wọ́n ń bi í: ta ló kó o fún ọ? Ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé bàbá rẹ̀. Kò sí ẹnì kankan nínú wa, àti èmi tí mo wọ aṣọ funfun, tó bi í léèrè pé omi wo ni ó ń wẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á tú orúkọ yẹn wò ná. Àtọ̀sí tí gbogbo wa mọ̀, ìbálòpọ̀ ni a fi ń kó o. Èyí tí a fi ajá kún kò bá a tan rárá. Ó dàbí ẹni pé ìtọ̀ tó ń ro ni àti ẹ̀jẹ̀ tó ń yọ ni àwọn baba ńlá wa wò tí wọ́n fi so wọ́n pọ̀ lórúkọ. Àwọn oníṣègùn òyìnbó ń pè é ní bìlìhásíà. Ẹni tó ní in lè bá ọkọ tàbí aya rẹ̀ gbé fún ọgbọ̀n ọdún, kí wọ́n jọ máa sùn, kí wọ́n jọ máa jẹun nínú àwo kan, kò ní kó ran onítọ̀hún. Kò lè ṣe é. Láti ara ènìyàn dé ara ènìyàn, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba inú ìṣáwùrú kọjá.

Aràn ni ó ń fà á. Aràn náà kò gùn ju ìbú èékánná àtàǹpàkò lọ, inú iṣan ẹ̀jẹ̀ tó yí àpò ìtọ̀ ká ni ó ń gbé, akọ àti abo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó sì lè lo ọdún mẹ́ta sí mẹ́wàá níbẹ̀. Ojoojúmọ́ ni abo ń yé ẹyin, ẹyin náà sì ní ẹ̀gún ṣóńṣó kan nídìí. Àwọn kan nínú ẹyin náà á ya ara àpò ìtọ̀ já, wọn á bá ìtọ̀ jáde, ìdí nìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ fi máa ń hàn jù lọ ní ìparí ìtọ̀, nínú ẹ̀kán tó gbẹ̀yìn. Àwọn yòókù á há sínú ẹran ara. Nínú obìnrin, wọ́n lè há sí ẹnu ilé ọmọ àti ojú ara, kí ibẹ̀ le bí ẹni fọ́n iyanrìn sí i, kí ó máa ṣẹ̀jẹ̀. Ohun tó ṣe obìnrin tí mo sọ nìyẹn.

Bí ẹyin tó bá ìtọ̀ jáde bá bọ́ sórí ilẹ̀ gbígbẹ, tàbí sínú ṣáláńgá, ó parí. Bí ó bá bọ́ sínú odò tàbí adágún, láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ó máa pa. Ohun kékeré kan tí ojú wa kò lè rí ni ó ń jáde, irun wẹ́wẹ́ ni ó fi ń wẹ̀. Kò lè wọ ara ènìyàn. Kò lè jẹun. Nǹkan bí ọjọ́ kan péré ni ó ní láti fi wá ìṣáwùrú, kì í sì í ṣe ìṣáwùrú kan ṣáá, irú kan pàtó ni. Tí kò bá rí i, á kú. Tí ó bá wọ inú irú mìíràn, á kú síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n tí ó bá rí èyí tó ń wá, ilé ńlá ni ó rí yẹn. Inú ìṣáwùrú ni yóò wà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀, á máa pọ̀ sí i. Ẹyọ kan tó wọlé lè di ẹgbẹẹgbẹ̀rún kí ó tó jáde. Àwọn tó ń jáde yìí ní ìrù tó là sí méjì ní ìparí. Oòrùn ni ó ń pè wọ́n síta: láti nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán ni wọ́n máa ń tú jáde jù lọ. Wọn kì í lò ju ọjọ́ méjì lọ nínú omi, agbára wọn sì ti dín kù púpọ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Awọ ara wa ni wọ́n ń wá. Láàrin ìṣẹ́jú mélòó kan wọ́n ti gún un wọlé, wọ́n ti ju ìrù sílẹ̀. Ara lè yún ènìyàn díẹ̀, ó sì lè má yún rárá.

Láti ọjọ́ yẹn, ó tó oṣù méjì sí mẹ́ta kí ẹyin tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìtọ̀ jáde. Ẹ wá ka oṣù fún ọmọ Èkó yẹn: Ògọ́ọ̀sì ni ó wẹ̀ nínú odò, Kọkànlá ni ẹ̀jẹ̀ yọ. Kò sí odò ní àdúgbò tí wọ́n ń gbé ní Èkó, nítorí náà kò sí ẹni tó ronú kan omi. Ìyá rẹ̀ ronú kan ènìyàn.

Kì í ṣe àwa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí rú lójú. Dókítà ará Jámánì kan, Theodor Bilharz, ti rí aràn náà nínú òkú ènìyàn ní Káírò, ní Íjíbítì, ní ọdún 1851. Síbẹ̀ ó ju ọgọ́ta ọdún lọ kí wọ́n tó mọ bí ó ṣe ń wọ ara. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan takú pé láti ara ènìyàn ni ó ń lọ tààrà sí ara ẹlòmíràn. Ọdún 1915 ni Robert Leiper lọ sí Íjíbítì, ó kó àwọn ìṣáwùrú inú omi tí àwọn ọmọdé ń wẹ̀ jọ, ó sì fi hàn pé inú wọn ni ó ń gbà.

Ìṣáwùrú wo wá ni? Búlínọ́ọ̀sì ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Kì í ṣe ìgbín tí a ń sè, kì í sì í ṣe ìṣáwùrú tí àwọn ará odò ń jẹ. Ó kéré, láti bí hóró àgbàdo dé bí orí ìka ọmọdé, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú tàbí kí ó dà bí ẹrẹ̀. Ọ̀nà méjì ni mo fi ń mọ̀ ọ́n. Èkíní, ẹ di ìkarahun rẹ̀ mú kí ṣónṣó rẹ̀ kọjú sókè, kí ẹnu rẹ̀ sì kọjú sí yín. Ẹnu Búlínọ́ọ̀sì á wà lápá òsì. Ti ọ̀pọ̀ ìṣáwùrú yòókù, ọ̀tún ni. Èkejì, ẹ wò ó bóyá ó ní ìdérí. Ìṣáwùrú tí a ń jẹ máa ń fi ohun líle kan bí ìdérí sé ẹnu rẹ̀ bí ẹ bá fọwọ́ kàn án. Búlínọ́ọ̀sì kò ní ìdérí. Ẹ wo méjèèjì pọ̀, nítorí àwọn kan wà tí ẹnu wọn wà lósì tí wọ́n sì ní ìdérí, àwọn yẹn kì í ṣe òun. Ẹ má fi ọwọ́ lásán mú un nínú omi o. Asẹ́ ni kí ẹ fi gbọ̀n ọ́n, kí ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti bàtà òjò.

Ohun tí ìṣáwùrú yìí fẹ́ràn ni ó ń pinnu ibi tí àìsàn náà máa wà. Ó fẹ́ omi tó dúró tàbí tó ń rìn jẹ́jẹ́. Ó fẹ́ etí omi tí kò jìn, tí koríko wà, tí òṣíbàtà tẹ́ sí, abẹ́ ewé yẹn ni ó ń lẹ ẹyin rẹ̀ mọ́. Kò fẹ́ omi tó ń sáré. Nítorí náà, àwa ará orí òkè níhìn-ín rí ojúrere díẹ̀. Ẹni tó bá ti dé ìsun Àrìnta ní Ìpólé-Ìlòrò mọ irú omi tí mò ń sọ. Omi tó ń já láti orí àpáta, ìṣáwùrú kò lè dì mọ́ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n omi kan náà, tó bá ti sọ̀ kalẹ̀ dé pẹ̀tẹ́lẹ̀ tó rọra dúró, tàbí tí ẹnì kan dí ojú ọ̀nà rẹ̀, ti di nǹkan mìíràn.

Ibi tí mo ti kọ́kọ́ lóye èyí ni ọ̀rọ̀ odò Ọ̀yán, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, lẹ́bàá Abẹ́òkúta. Ní ọdún 1983 ni Ààrẹ Ṣéhù Ṣàgàrí ṣí dáàmù ńlá tí wọ́n kọ́ síbẹ̀, kí Abẹ́òkúta àti Èkó lè rí omi mu, kí àwọn àgbẹ̀ sì lè fi bomi rin oko. Omi tí wọ́n sé náà fẹ̀ tó 40 kìlómítà níbùú lóròó. Ohun rere ni wọ́n gbèrò. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ìṣáwùrú rí. Odò tó ń ṣàn tẹ́lẹ̀, tí ìkún omi ìgbà òjò máa ń gbá a lọ lọ́dọọdún, di omi tó dúró tẹ́ rẹrẹ. Etí rẹ̀ gùn, kò jìn, koríko hù síbẹ̀. Àwọn tí omi gba ilẹ̀ wọn kó lọ sí àwọn abúlé tuntun lẹ́bàá omi náà, àwọn apẹja náà sì dé láti ibi púpọ̀, àwọn kan lára wọn ti gbé aràn náà wá nínú àpò ìtọ̀ wọn. Ìṣáwùrú, omi, àti ìtọ̀ wá pàdé ní ojú kan. Kò tó ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà tí àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ yẹ àwọn ará abúlé tuntun wọ̀nyẹn wò, tí wọ́n sì rí i pé púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wọn ń tọ ẹ̀jẹ̀. Ní ọdún 1997, méjì nínú àwọn onímọ̀ náà, Ọ̀fọ́ẹ̀zíè àti Àṣàólú, kọ̀wé lórí bí a ṣe lè fi sísọ omi dáàmù kalẹ̀ àti gbígbé e sókè dín ìṣáwùrú kù, nítorí bí omi bá yára fà sẹ́yìn, ìṣáwùrú á ṣẹ́kù sórí iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ. Ní Èkìtì tiwa náà, àwọn onímọ̀ ti lọ wá àwọn ìṣáwùrú yìí nínú omi dáàmù Èrò ní Ìkùn.

Nígbà tí mo kà á, mo ronú kan omi kékeré tiwa, mo sì ronú kan obìnrin yẹn.

Ọdún mélòó kan sẹ́yìn, a fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan lóògùn ní ìsàlẹ̀ òkè. Ọdún tó tẹ̀ lé e, mo padà lọ, mo tún bá ìtọ̀ pupa. Mo kọ́kọ́ ṣe bí mo ṣe máa ń ṣe, mo bú àwọn òbí pé wọ́n kò jẹ́ kí ọmọ gbé oògùn mì. Lẹ́yìn náà ni mo jókòó tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ibi tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ń gbé. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé apá kan abúlé náà nìkan ni gbogbo wọn ti wá. Àwọn tó wà ní apá òkè odò kò ní nǹkan kan, odò kan náà sì ni wọ́n ń lò.

Mo bẹ wolé-wolé wa, a jọ tẹ̀ lé odò náà láti òkè wá sísàlẹ̀. Lókè, omi ń sáré lórí òkúta. Nígbà tí a dé ibi tí ọ̀nà oko gba orí odò kọjá, a rí i. Ọ̀rá àti pàǹtírí ti dí ihò abẹ́ afárá náà pa. Omi ti dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ti di adágún, koríko ti yí i ká. Ó sì rọrùn fún gbogbo ènìyàn. Níbẹ̀ ni àwọn ìyá ń fọ irú, níbẹ̀ ni wọ́n ń rẹ ẹ̀gẹ́ sí, níbẹ̀ ni àwọn ọmọ ń lúwẹ̀ẹ́ lọ́sàn-án. Ọmọ tó bá sì wà nínú omi, ta ló máa ń jáde kí ó tó tọ̀? Àárín ọ̀sán yìí kan náà ni ẹyin aràn máa ń pọ̀ jù nínú ìtọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń gba ìtọ̀ àyẹ̀wò láàrin aago mẹ́wàá àti aago méjì. Ìtọ̀ kùtùkùtù lè purọ́ fún wa.

Wolé-wolé so asẹ́ mọ́ igi gígùn, ó gbọ́n etí koríko fún nǹkan bí ìdajì wákàtí. A rí ìṣáwùrú mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí ẹnu wọn wà lósì tí wọn kò ní ìdérí. A fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ife gíláàsì, a bu omi mímọ́ díẹ̀ sí i, a gbé wọn sínú oòrùn àárọ̀. Nígbà tí ó di ọ̀sán, a gbé ife náà síwájú aṣọ dúdú, a sì wò ó pẹ̀lú awò tó ń sọ nǹkan di ńlá. Nínú ife méjì, a rí nǹkan wẹ́wẹ́ tó ń gòkè tó ń sọ̀, ìrù wọn là sí méjì. Àwọn ife yòókù kò ní nǹkan kan. Bí ó ṣe máa ń rí nìyẹn, ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wọn ni ó máa ń gbé e. Ṣùgbọ́n ìṣáwùrú kan lè tú ẹgbẹẹgbẹ̀rún lóòjọ́, méjì tó láti ba adágún jẹ́. Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ pé ife gíláàsì kì í ṣe ẹ̀rí pátápátá, nítorí aràn tó ń ṣe màlúù àti ẹyẹ náà lè fara jọ ọ́. Ohun tó jẹ́ kó dá wa lójú ni pé a rí ẹyin ẹlẹ́gùn-ún nínú ìtọ̀ àwọn ọmọ tó ń lo adágún náà.

Àwọn ìyá ibẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ bi mí pé ṣé kí àwọn da oògùn sí omi. Ẹ̀yin náà lè máa rò bẹ́ẹ̀. Oògùn tó ń pa ìṣáwùrú wà, ṣùgbọ́n ó ń pa ẹja pẹ̀lú, àwọn tó kọ́ṣẹ́ ẹ̀ nìkan ló sì lè wọ̀n ọ́n. Ẹ̀rín máa pa yín tí ẹ bá gbọ́ pé àrìdan, èyí tí a ń fi sí ọbẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, wà lára ohun tí àwọn onímọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ti yẹ̀ wò fún pípa ìṣáwùrú, ó sì ń pa á. Òun náà kì í dá ẹja sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí èyí da àrìdan sí odò. Ìṣáwùrú yìí sì le láti parun: ẹyọ kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù lè dá ìrọ̀bí fún ara rẹ̀ láìrí akọ, ó sì lè sin ara rẹ̀ sínú ẹrẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí òjò tún wá jí i.

Ohun tí a ṣe kò gbówó lórí. Àwọn ọkùnrin kó pàǹtírí kúrò nínú ihò abẹ́ afárá, omi ráyè sáré. Wọ́n ro koríko etí omi, bàtà òjò ni wọ́n wọ̀ ṣe é, àárọ̀ kùtùkùtù sì ni. Àwọn ìyá gbé ibi tí wọ́n ti ń fọ irú lọ sí òkè, níbi òkúta, wọ́n sì fi í sí àárọ̀ kí oòrùn tó mú. Wọ́n ń pọn omi ìwẹ̀ ọmọ sílẹ̀ nílé, wọn a dé e fún ọjọ́ méjì gbáko kí wọ́n tó lò ó, nítorí láàrin ìgbà yẹn ohun onírù yẹn ti kú. Wọ́n sì ń fi asẹ́ sẹ́ ẹ kí ìṣáwùrú má bàa bá a wọlé. Ẹni tí kò bá lè dúró, kí ó gbé omi náà kaná. Nínu ara gbẹ lẹ́yìn tí ènìyàn ti jáde nínú odò kò tó, wọ́n lè ti wọlé.

Gbogbo wa sì lo oògùn, kì í ṣe ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ nìkan. Orúkọ rẹ̀ ni pirasikuantẹ́ẹ̀lì. Bí ènìyàn ṣe wúwo tó ni a fi ń wọ̀n ọ́n, 40 mílígíráàmù fún kìlógíráàmù kọ̀ọ̀kan. Ìyá tó wúwo tó 60 kìlógíráàmù á lo 2,400 mílígíráàmù, èyí tí í ṣe hóró mẹ́rin oní-600, lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́yìn oúnjẹ. Ó korò, ó sì lè mú kí inú rú tàbí kí òòyì kọ́ni fún wákàtí díẹ̀. Láti ọdún 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ pé kí á fún àwọn ọmọ láti ọdún méjì sókè, àwọn àgbà, àwọn tó ń fọ́mọ lọ́mú, àti aláboyún tí oyún rẹ̀ ti kọjá oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Ẹ má dá a wọ̀n fúnra yín. Ẹ wá sí ibùdó ìlera. Oògùn yìí ń pa aràn tó ti dàgbà, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kò tó lórí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ara ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn. Kò sì lè dé inú ìṣáwùrú rárá. Ẹni tó gbé e mì lónìí tó tún wọ adágún kan náà lọ́la lọ́sàn-án ti bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọmọ wọ̀nyẹn nìyẹn. Kì í ṣe pé wọ́n tu oògùn mi dànù.

Ní ọdún kejì, ìtọ̀ pupa dín kù gan-an níbẹ̀, kò tán. Ọdún kẹta ó tún fẹ́ pọ̀ sí i, nígbà tí a sì lọ wò ó, pàǹtírí ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í dí ihò náà.

Mo wá obìnrin yẹn lọ. Ó gbà mí ní oṣù bíi mẹ́rin kí n tó rí ẹni tó mọ ibi tó wà. Ó ti wà lọ́dọ̀ ọkọ mìíràn ní ìlú mìíràn. Mo mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà tó mọ̀ nípa rẹ̀, wọ́n rí ojú ibi tó le bí iyanrìn náà, wọ́n sì fún un ní hóró oògùn mẹ́rin. Ẹ̀jẹ̀ náà dá. Àpá tó ti wà nínú kò kúrò, ọmọ kan náà ni ó ní títí di òní. Ó bi mí pé ṣé mo lè sọ èyí fún ọkọ òun àkọ́kọ́. Mo lọ. Bàbá náà gbọ́ mi jálẹ̀, ó dákẹ́ pẹ́, ó wá ní inú adágún yẹn ni òun náà ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń wẹ̀ odò. Mo yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ẹyin wà níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá wa, tí obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ yín bá ń ṣẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbálòpọ̀, tàbí tí ọmọ bá ń tọ ẹ̀jẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bi í ní omi tó ń lò, kí ẹ sì mú un wá kí á yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí àwọn àìsàn mìíràn náà lè fa irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ẹ sì sọ omi náà fún nọ́ọ̀sì, bí kò tilẹ̀ bi yín.

Ẹ̀ẹ̀rùn ti ń wọlé, omi ti ń dúró káàkiri. Àwọn tó bá rí ìṣáwùrú tó ṣe wọ́n ní kàyéfì, ẹ lè ya fọ́tò rẹ̀ sí mi: ṣónṣó sókè, ẹnu síwájú. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lo kámẹ́rà iwájú tí ẹ fi ń ya ara yín. Ìyá kan lò ó lóṣù tó kọjá, ó sì yí òsì padà sí ọ̀tún, mo ti fẹ́ sọ fún wọn pé kò séwu kí n tó rí i pé orúkọ tí wọ́n kọ sára ike lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dorí kodò láti ẹ̀yìn wá síwájú.